Má Dìde Kí Wọ́n Tó Dáhùn

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọmọ tó gba ọwọ́ Tíṣà Ẹnu Géètì kọjá, ẹ má wulẹ̀ béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sáà jókòó sójú ọ̀nà tó máa gbà. Bó bá gbé ẹrù, á sọ ọ́ kalẹ̀. Bí nǹkan bá wà lẹ́nu rẹ̀, á gbé e mì. Á wá súnmọ́ yín níwájú, kò ní ti ẹ̀yìn yọ sí yín, kò sì ní dúró lókèèrè kó máa kígbe bí ẹni ń pe ajá. Á kúnlẹ̀, tàbí kó dọ̀bálẹ̀ bó bá jẹ́ ọkùnrin, á ní, "Ẹ káàárọ̀, mà," kò sì ní dìde títí ẹ ó fi dá a lóhùn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, èèyàn kì í bi í pé ọmọ ta ni. Ohun tí wọ́n ń bi í ni pé, "Ṣé Tíṣà Ẹnu Géètì ló kọ́ ọ?"

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan. Kí agogo méje tó lù láàárọ̀, á ti gbé àpótí ìjókòó kékeré kan sí ẹnu géètì, á jókòó sí i kí ojú òun àti ojú ọmọ lè ṣe déédéé, nítorí ó ní ọmọ tó ń wo ìgbànú èèyàn kò lè kí èèyàn dáadáa. Òjò ni, oòrùn ni, ibẹ̀ náà lẹ máa bá a. Ọmọ tí kò bá kí i kì í wọlé. Kì í nà wọ́n, kì í sì í jágbe mọ́ wọn, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Á kàn sọ pé, "Padà lọ síbi òpó yẹn, kó o tún bọ̀." Ọmọ á padà síbi òpó, á tún bọ̀. Mo ti rí ọmọ tó lọ síbi òpó yẹn nígbà mẹ́rin láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí ìyá rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì tó ń wo agogo ọwọ́.

"Tíṣà, mo ti ń pẹ́ lọ síbi iṣẹ́," ìyá náà á wí.

"Ẹ máa lọ, mà. Ọmọ yín ló fẹ́ kí mi, kì í ṣe ẹ̀yin."

Ohun tó kórìíra jù ni òbí tó ń di ọmọ lọ́rùn mú, tó ń tì í wálẹ̀, tó ń wí pé "kí wọn, kí wọn, ṣé o yadi ni?" Á ní kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀. Ó ní ìkíni tí wọ́n bá fi ọwọ́ tì jáde, ọwọ́ yẹn ló kí òun, ọmọ ò tíì kí òun. Lóòótọ́, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Obìnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, àfi ká má parọ́.

Nínú kíláàsì, àga kan wà tí wọ́n ń pè ní àga àgbà. Tíṣà á dé fìlà, á fi ìgò ojú tí kò ní gíláàsì sójú, á jókòó sórí àga yẹn, ó di bàbá arúgbó nìyẹn. Tó bá yá, á mú òòlù lọ́wọ́, ó di òṣìṣẹ́. Á gbé báàgì kọ́ apá, á yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó di ẹni tó ń ti ìrìn àjò bọ̀. Ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó kó tó lanu, torí ojú ló ń kíni kí ẹnu tó kíni. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ ni. Ẹni tó jókòó, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tó ń bọ̀ láti ìrìn àjò, ẹ káàbọ̀. Ẹni tí nǹkan ń dùn, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọmọ tó bá sọ "ẹ kú iṣẹ́" fún ẹni tó ń sùn, gbogbo kíláàsì á rẹ́rìn-ín, òun náà á sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọmọ kan wà nígbà kan tó wí fún un pé, "Káàárọ̀ o," bí ẹni ń kí ẹgbẹ́ rẹ̀. Tíṣà ò bínú. Ó ní, "Èmi àti ìwọ, ta ló kọ́kọ́ dé?" Ọmọ náà rò ó títí, ó ní, "Èmi ni. Mo ti wà ńbí kẹ́ ẹ tó dé." Ọdún méjìlá ni Tíṣà fi ń sọ ìtàn yẹn.

Ìka mẹ́fà ló fi ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ náà, ọwọ́ kan àti àtàǹpàkò èkejì. Wò wọ́n ná. Dúró ná. Kúnlẹ̀. Kí wọn. Gbọ́ èsì. Dìde. Gbogbo ilé-ìwé ló ń fi orin kọ ọ́. Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, "dúró ná" ló le jù fún ọmọdé. Bí àgbà méjì bá ń sọ̀rọ̀, ọmọ ò gbọdọ̀ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wọn lẹ́nu. Á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí wọn ó fi wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí àlejò bá sì wà níbẹ̀, àlejò ni á kọ́kọ́ kí kó tó kí ará ilé. Ohun yòówù kó fẹ́ sọ, ìkíni ló ṣáájú. Tíṣà a máa sọ pé ọ̀rọ̀ tí wọn ò fi ìkíni ṣílẹ̀kùn fún, ojú fèrèsé ló gbà wọlé.

Ilé-ìwé nìkan kọ́ o. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Á rìn lọ sílé àwọn òbí lọ́jọ́ Àìkú, á bá wọn sọ ọ́ pé kí wọ́n máa dá ọmọ lóhùn bó bá kí wọn, kí wọ́n má kàn máa mi orí lórí fóònù, torí ọmọ tí wọn ò dá lóhùn lónìí kò ní kí èèyàn lọ́la. Ní ilé tirẹ̀, òfin kan náà ló wà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún, tí bàbá àgbà rẹ̀ sọ ní Péléńgé torí ó tín-ín-rín bí okùn bàtà. Ìyá Péléńgé, ọmọ tí Tíṣà bí, ń ṣiṣẹ́ ní ìlú míì, ìparí oṣù ló ń wá.

Ọkọ Tíṣà ń ṣe bàtà. Yàrá kan ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé, ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí àgbàlá. Bàtà àwọn ọmọ ilé-ìwé ló kúnbẹ̀ jù, dúdú ni gbogbo wọn, òmíràn ti la ẹnu níwájú bí ẹni ń béèrè oúnjẹ. Òórùn gọ́ọ̀mù ò kúrò lára ọkùnrin náà, tó bá wẹ̀ títí ọ̀la. Aláwàdà ni. Láàárọ̀, Péléńgé á lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Bàbá á gbé bàtà sílẹ̀, á ní, "Káàárọ̀, Péléńgé ọmọ ìyá rẹ̀. Ṣé o sùn? Ṣé ibùsùn ò bá ẹ jà? Ìrọ̀rí ńkọ́, ṣé ó jí? Ẹsẹ̀ ọ̀tún ńkọ́? Ẹsẹ̀ òsì ńkọ́?" Ọmọ á máa dáhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìkúnlẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín, kò sì ní dìde títí Bàbá á fi sọ pé, "Ó tó, dìde kí orúnkún ẹ má bàa béèrè bàtà lọ́wọ́ mi."

"Ẹ ń jẹ́ kí ọmọ yìí pẹ́ lójoojúmọ́," Tíṣà á wí láti inú ilé.

"Ìwọ lo ní kó má dìde kí n tó dáhùn. Èmi ò tíì dáhùn tán ni."

Ọdún tó ṣáájú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní ilé-ìwé. Tíṣà ń bá òbí kan sọ̀rọ̀ ní ọ̀nà kíláàsì, ọmọkùnrin kékeré kan wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó pa ẹsẹ̀ pọ̀, ó ń dúró. Tíṣà rí i. Ó gbé ìka kan sókè, ìyẹn ni pé kó ní sùúrù. Ọ̀rọ̀ òun àti òbí yẹn gùn. Nígbà tó wá yíjú sọ́mọ, ọmọ ti tọ̀ sára. Síbẹ̀ ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ lórí omi yẹn, ó ní, "Ẹ káàsán, mà. Mo fẹ́ tọ̀."

Nígbà tí Tíṣà délé, ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń ròyìn ẹ̀bùn. Ó ní ẹ wo bí ẹ̀kọ́ ṣe wọ ọmọ lára tó. Ọkọ rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín, èyí tó ṣọ̀wọ́n lójú rẹ̀. Ó fa okùn jáde lára bàtà tó ń rán, ó ní, "Tíṣà, ìka mẹ́fà lo fi ń kọ́ wọn. Fi keje kún un. Kọ́ wọn ní ìgbà tí wọn ò ní kí ẹnì kankan."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Ìgbà tí nǹkan bá jó."

Tíṣà ní bí òun bá fi àyè ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ fún ọmọdé, gbogbo ara ló máa gba ibẹ̀ jáde. Ó ní ojoojúmọ́ ni nǹkan ń jó lójú ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọkọ rẹ̀ ní, "Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni o," ó sì gbé bàtà míì. Àwàdà ni obìnrin náà kà á sí. Nígbà tó fi máa tún rántí ọ̀rọ̀ yẹn, ó ti bọ́.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ọ̀gá ilé-ìwé wá sílé Tíṣà. Obìnrin tó ń wọ aṣọ dáadáa ni, tí kì í tètè dìde bó bá jókòó. Ó wá sọ fún un pé lọ́jọ́ ìparí ọdún, àwọn èèyàn pàtàkì láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ń bọ̀, òun sì fẹ́ kí àwọn ọmọ kékeré fi ìkíni dá wọn lọ́lá, kí ilé-ìwé yòókù lè rí i kí wọ́n kọ́gbọ́n. Ó ní òun fẹ́ kí ọmọ kan ṣáájú wọn. Àwọn méjèèjì jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé, wọ́n gbé tíì sáàárín. Ẹ wo ohun tó ń dùn mọ́ Tíṣà nínú nígbà yẹn: ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lórí àpótí, ẹnìkan wá mọ rírì rẹ̀ níkẹyìn.

Ibi tí wọ́n bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Péléńgé fi yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Tíṣà tajú kán rí i. Ọmọ náà dúró, ó ń wo àwọn méjèèjì lẹ́nu, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ pé kó máa ṣe, kó lè mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ máa já. Lẹ́yìn náà ó rọra kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Tíṣà rò pé eré ló sá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ fún mi láì fi bò. Ọ̀rọ̀ òun àti ọ̀gá rẹ̀ ti fẹ́ parí. Ó lè yíjú sọ́mọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò yíjú. Ó rí i pé ọ̀gá ń fi apá kan ojú wo ọmọ tó kúnlẹ̀ jẹ́ẹ́, orí rẹ̀ sì wú. Ó wá fa ọ̀rọ̀ gùn. Ó béèrè irú àga tí wọ́n máa gbé kalẹ̀ fún àlejò, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó kàn án nínú àga. Ó bu tíì kún ti ọ̀gá. Ó gbé ìka kan sókè sí Péléńgé, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Ọmọ yín nìyí?" ọ̀gá wí níkẹyìn.

"Ọmọ-ọmọ mi ni, mà."

"Ó ti pẹ́ tó ti kúnlẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ míì ì bá ti fa aṣọ mi ya."

Ìgbà yìí ni Tíṣà tó yíjú sí i. Péléńgé ní, "Ẹ káàsán, mà," ṣùgbọ́n ìyá àgbà rẹ̀ ló ń wò.

Tíṣà mi orí. "Ta ni àlejò láàárín àwa méjèèjì?"

Ọmọ náà wo ọ̀gá, ó wo ìyá àgbà rẹ̀.

"Padà lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn, kó o tún bọ̀."

Ó dìde, ó padà sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó tún bọ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú ọ̀gá, ó ní, "Ẹ káàsán, mà. Ẹ kú ìjókòó, mà." Ọ̀gá ní, "Káàsán, ọmọ dáadáa. Ṣé dáadáa lo wà? Kíláàsì wo lo wà?" Ó dá a lóhùn. "Ta ló kọ́ ọ ní ìkíni báyìí?" Ó tún dá a lóhùn. Ó wá yí orúnkún sọ́dọ̀ Tíṣà, ó ní, "Ẹ káàsán, mà."

"Káàsán, ọkọ mi. Ó yá, kí lo fẹ́ sọ?"

"Bàbá wà nílẹ̀. Mo kí wọn, wọn ò dáhùn."

"Wọ́n wà nílẹ̀ báwo?"

"Wọ́n dùbúlẹ̀ sórí bàtà. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo dúró, mo dúró. Ẹnu wọn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ni mo bá wá."

Ife tíì bọ́ lọ́wọ́ Tíṣà. Kò mọ bó ṣe dé ẹ̀yìn ilé. Ọkọ rẹ̀ wà nílẹ̀ láàárín àwọn bàtà ọmọdé, òòlù ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ náà ò sì gbéra mọ́. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ó rí obìnrin náà, ó mọ̀ ọ́n, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀. Itọ́ ń ṣàn. Lórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, eruku ibẹ̀ ti nù kúrò ní ojú méjì kékeré, ibi tí orúnkún Péléńgé wà.

Ọkọ̀ ọ̀gá ni wọ́n fi gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà tó gbà wọ́n kéré lọ́jọ́ orí, Tíṣà ì bá ti kọ́ ọ rí. Ó ní rọpárọsẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí ọ̀nà nínú ọpọlọ. Ó béèrè pé, "Aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀, mà?"

Tíṣà ò mọ̀. Ó ṣírò rẹ̀ látorí ìgbà tí wọ́n jẹun, ó ṣírò rẹ̀ látorí ìgbà tí ọ̀gá dé. Ó rántí ọmọ tó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Dókítà náà ò bá a wí, kò kúkú mọ ohunkóhun. Ó kàn ṣàlàyé ni. Ó ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú làwọn fi ń bá àìsàn yìí jà, bí ẹni tó bá ní in bá ṣe tètè dé ni ọpọlọ tó kù á ṣe pọ̀ tó. Ó ní ká dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà níbẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá ti gbé e dé ní nǹkan bí ìdajì wákàtí ṣáájú, ọ̀rọ̀ ì bá sàn ju báyìí lọ.

Ìdajì wákàtí. Obìnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn, ó ń kà á. Èyí tí ọmọ fi kúnlẹ̀ níwájú Bàbá tó ń dúró de èsì. Èyí tó fi kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀rọ̀ àga. Tíì tó bù kún tíì. Ẹnu ilẹ̀kùn lílọ àti bíbọ̀. Ẹnikẹ́ni ò nà án, ẹnikẹ́ni ò bú u. Nígbà tó kà á tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá Péléńgé dé lọ́jọ́ kejì. Ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú títí, lẹ́yìn náà ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Mọ́mì, wọ́n ní ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó gbé wọn dé. Kí ló fà á?"

Péléńgé dúró láàárín wọn, ó ń wo ẹnu Tíṣà.

"A ò tètè mọ̀ ni," Tíṣà wí.

Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀. Ọmọ náà tẹjú mọ́lẹ̀ títí wọ́n fi délé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n gbé Bàbá wá sílé. Ó lè jókòó bí wọ́n bá fi ìrọ̀rí tì í. Apá òsì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, ti ọ̀tún ti kú, ohùn rẹ̀ ò sì padà wá. Àwọn òbí wá ń kó bàtà ọmọ wọn, àwọn tó ti rán àti àwọn tí kò tíì rán, wọ́n ń rìn bí ẹni ń rìn lójú oorun nínú yàrá yẹn. Tíṣà padà sílé-ìwé. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ padà, ó kó gbogbo kíláàsì jọ, ó na ìka keje sókè. Ó ní bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, bí ẹ bá rí iná, bí ẹnì kan bá ṣubú tí kò dìde, ẹ ò ní dúró, ẹ ò ní kúnlẹ̀, ẹ ò ní kí ẹnì kankan. Ẹ pariwo. Ẹ fa aṣọ wa. Ó wá dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kíláàsì, ó ní kí wọ́n ṣe é kí òun rí i. Àwọn ọmọ wo ara wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ bọ́ síwájú nínú wọn kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà." Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi kọ́ wọn kí wọ́n tó lè pariwo. Nípa ti ọjọ́ ìparí ọdún, ó sọ fún ọ̀gá pé kó wá ẹlòmíràn.

Péléńgé ò pariwo rárá. Ohun tó ń ṣe ni pé lójoojúmọ́, kó tó wọ bàtà ilé-ìwé, á lọ kúnlẹ̀ síwájú àga Bàbá. "Ẹ káàárọ̀, sà." Á wá dúró. Bàbá á máa wò ó, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀ kan. Ọmọ ò ní dìde. Ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, Tíṣà á pè é pé, "Ó tó, jẹ́ ká máa lọ," á sì fà á dìde lápá. Ó rò pé yóò jáwọ́ bó bá yá. Ọmọ ò jáwọ́. Ńṣe ni ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ń dára sí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ á gún régé, ọwọ́ á wà lórí itan, ojú á wálẹ̀. Ní àárọ̀ kan, ó kí i tán, ó dìde láì tíì rí èsì, inú Tíṣà fẹ́ dùn, àfi bí ọmọ ṣe padà lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn, tó tún bọ̀, tó tún kúnlẹ̀.

Tíṣà súnmọ́ ọn. "Péléńgé, Bàbá ò lè dáhùn mọ́. Wọ́n ń gbọ́ ẹ o, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ò ṣiṣẹ́. Dìde."

"Wọ́n máa dáhùn bí mo bá kí wọn dáadáa," ọmọ náà wí, kò gbójú sókè. "Lọ́jọ́ yẹn, mi ò kí àlejò kí n tó kí yín. Ìdí tó fi pẹ́ nìyẹn."

Ṣé ẹ rí i, Tíṣà ti rò pé òun nìkan ló ń gbé ẹrù yẹn. Oṣù kan gbáko, ọmọ ọdún márùn-ún ti ń gbé e, ó ń gbé e lọ sílé-ìwé, ó ń gbé e sùn, torí ó gbọ́ létí ara rẹ̀ nígbà tí ìyá àgbà rẹ̀ sọ pé a ò tètè mọ̀. Ọmọ náà mọ̀ pé òun tètè mọ̀. Bí wọn ò bá wá tètè mọ̀, a jẹ́ pé òun ni kò sọ ọ́ bó ṣe yẹ.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni Tíṣà, orúnkún rẹ̀ sì ti ń dùn ún láti ọjọ́ tó pẹ́. Ó di apá àga Bàbá mú, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, ó ní, "Péléńgé, ìwọ kọ́. O kí mi dáadáa. Èmi ni mo rí ẹ tí mi ò dá ẹ lóhùn. Mo fẹ́ kí àlejò rí bó o ṣe mọ ẹ̀kọ́ tó, ni mo bá fi ẹ́ sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Màá sọ ọ́ fún ìyá ẹ bó bá dé. Má bínú sí mi, ọmọ mi. Mo bẹ̀ ọ́."

Ẹ̀rù ba ọmọ náà. "Ẹ dìde, mà," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Àgbàlagbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé."

Tíṣà fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó sì dúró kí ọmọ dá òun lóhùn, bó ti wù kó kéré mọ, kó ní ó ti tán tàbí kó ní òun ń bínú. Péléńgé wò ó, ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ọmọ tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́, fún ẹni tó jókòó, fún ẹni tó ti ìrìn àjò bọ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀ kiri lórí. Ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, lórí ìka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà àti keje tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un, Tíṣà ò kọ́ ọmọ kankan ní ohun tí wọ́n ń dá àgbà lóhùn bí àgbà bá ní ẹ má bínú.

Agogo méje ti kọjá, kò sì sí ẹnikẹ́ni lórí àpótí lẹ́nu géètì. Ọkùnrin tó ń ṣe bàtà jókòó láàárín ìrọ̀rí, ó ń wo àwọn méjèèjì lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò sí èyí tó dìde nínú wọn.